Olùkọ́ gé máàkì nítorí C, ó tún fagi lé C: ẹ bá mi wo wọ́ọ̀kìṣíìtì íńtígíréṣọ̀n yìí

Ọmọ_SS3

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Olùkọ́ Fọ́dà Máàsì wa fún wa ní wọ́ọ̀kìṣíìtì lórí íńtígíréṣọ̀n, apá kìíní kò ní límíìtì, apá kejì ní límíìtì, wọ́n ti dá a padà báyìí, gègé pupa ló kún inú ẹ̀. Ní nọ́ńbà 1, ∫(6x² − 4)dx, mo kọ 2x³ − 4x, wọ́n gé máàkì kan, wọ́n kọ "C dà?" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ó dáa, mo gbà. Nígbà tí mo wá dé nọ́ńbà 5, ∫₁³(3x² − 4x + 1)dx, mo rántí C dáadáa, mo kọ 12 + C, wọ́n tún fagi lé C yẹn! Kí wá ni wọ́n ń fẹ́ gan-an?

Nọ́ńbà 6, ∫₀¹(2x + 1)⁵dx, mo ní 728/6, wọ́n ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 9 ló dùn mí jù. Wọ́n ní nǹkan kan ń rìn lórí ìlà tààrà, ásílẹ́réṣọ̀n ẹ̀ jẹ́ a = 6t − 4, nígbà tí t = 0, v = 5, mítà mélòó ló rìn láàárín t = 1 àti t = 3? Mo ní 10, wọ́n kọ 20 gàdàgbà sí i láìṣàlàyé kankan.

Wọ́n ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ká máa dífẹrẹ́ńṣíéètì ìdáhùn wa ká fi yẹ ara wa wò. Mo dífẹrẹ́ńṣíéètì 12, ó fún mi ní 0. 0 kì í sì í ṣe 3x² − 4x + 1. Ṣé àyẹ̀wò yẹn kì í ṣiṣẹ́ fún èyí tó bá ní límíìtì ni?

Bàbá_Ìrọ̀lẹ́

Èyí ò le rárá ọmọ mi. Límíìtì bá wà, gbàgbé C. Límíìtì ò bá sí, kọ C. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. C ti òkè àti C ti ìsàlẹ̀ á pa ara wọn dànù.

Ti nọ́ńbà 9 yẹn, èmi rò pé olùkọ́ yín ló ṣìṣe. Nígbà tí wọ́n ti ní "láàárín t = 1 àti t = 3", límíìtì ti wọlé nìyẹn, kí ni C tún ń wá níbẹ̀? t³ − 2t² ni, fi 3 sí i ó jẹ́ 9, fi 1 sí i ó jẹ́ −1, yọ ọ́ kúrò ó di 10. Padà lọ bá wọn jàre, kí wọ́n fún ẹ ní máàkì rẹ.

Màmá_Olùkọ́

Bàbá Ìrọ̀lẹ́, ẹ rọra o, kí ọmọ yìí má lọ bá olùkọ́ rẹ̀ jà lásán. Ohun tẹ́ ẹ sọ bá nọ́ńbà 5 mu, kò bá nọ́ńbà 9 mu.

Ọmọ mi, nọ́ńbà lásán ni 12, x ti kúrò nínú ẹ̀, nọ́ńbà yòówù tó o bá sì dífẹrẹ́ńṣíéètì, odo náà ni yóò fún ẹ. Ìlà tó ṣáájú ẹ̀ ni kó o lọ bá, èyí tó wà nínú bírákẹ́ẹ̀tì onígun kó o tó fi límíìtì sí i, ìyẹn x³ − 2x² + x. Dífẹrẹ́ńṣíéètì ìyẹn, wàá bá 3x² − 4x + 1 gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú ìbéèrè. Nígbà yẹn ló tó kan kó o fi 3 sí i, 27 − 18 + 3, ó jẹ́ 12, kó o fi 1 sí i, 1 − 2 + 1, ó jẹ́ 0, kó o wá yọ èyí kúrò nínú èyí. Àyẹ̀wò yẹn ń ṣiṣẹ́ fún èyí tó ní límíìtì dáadáa, àárín iṣẹ́ la ti ń ṣe é ni, kì í ṣe ìparí.

Ní ti C tí wọ́n fagi lé, bí o bá fẹ́ kọ ọ́, inú bírákẹ́ẹ̀tì ni àyè ẹ̀ wà: (12 + C) − (0 + C). Bí a bá wọn gíga ọmọ kan lọ́dún tó kọjá, tá a tún wọ̀n ọ́n lọ́dún yìí, tó sì wọ bàtà kan náà nígbà méjèèjì, gíga bàtà ò kan iye tó fi ga sí i. Ṣùgbọ́n 12 + C tó o kọ yẹn, ohun tó ń sọ ni pé a ò tíì mọ iye náà, bẹ́ẹ̀ a ti mọ̀ ọ́n, 12 ni.

Nọ́ńbà 6 ńkọ́? Mo ti mọ ohun tó o ṣe láìrí ìwé rẹ, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe é. O fi 1 kún páwà, o fi 6 pín in, o kọ (2x + 1)⁶/6, o sì kọjá lọ. Ká ní o dífẹrẹ́ńṣíéètì rẹ̀ ni, 6 orí páwà á sọ̀kalẹ̀, á pa 6 ìsàlẹ̀, á ku (2x + 1)⁵, ṣùgbọ́n wàá tún mú inú bírákẹ́ẹ̀tì, wàá dífẹrẹ́ńṣíéètì òun náà, ó jẹ́ 2, wàá fi ṣe ìlọ́po. Ohun tó o máa rí ni 2(2x + 1)⁵, ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n bi ẹ́. Nítorí náà tún fi 2 pín in, ó di (2x + 1)⁶/12. Fi 1 sí i, 729/12. Fi 0 sí i, 1/12. Ó ku 728/12, ìyẹn 182/3, bíi 60.67. Ìdajì ohun tó o kọ gan-an ni.

Má wá lọ fi ọgbọ́n yẹn ṣe gbogbo nǹkan o. Nítorí pé inú bírákẹ́ẹ̀tì jẹ́ 2x + 1, tí ohun tó ń yọjú jẹ́ nọ́ńbà, la fi lè fi pín in. Bó bá jẹ́ (x² + 1)⁵ ni, 2x ló máa yọjú, o ò lè kàn fi 2x pín in kó o máa lọ. Bó o bá dán an wò tó o sì dá a padà, wàá rí i pé kò bá ìbéèrè mu mọ́.

Nọ́ńbà 9, mo ń bọ̀ wá bá a, wọ́n ń pè mí.

Bàbá_Tòbí_Lọ́ńdọ̀nù

Kí ló dé tí gbogbo yín fi ń wàhálà? Ọmọ mi ń ṣe A-level níbí, wọ́n gbà wọ́n láyè kí wọ́n mú kàkúlétọ̀ tó ní bọ́tìnì ∫ wọnú ìdánwò, tẹ bọ́tìnì, kọ límíìtì, ìdáhùn ti jáde. Ohun tí ọmọ yìí ń wá nìyẹn. Ìṣòro tó kàn wà ni pé ti wa tún ń ṣe wérewère lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, wọ́n ní ∫ láti 0 dé π ti sin x jẹ́ 2, kàkúlétọ̀ ní 0.086. Mo fẹ́ lọ dá a padà fún àwọn tó tà á.

Ẹnjiníà_Wálé

Ẹ má tíì dá a padà o Bàbá Tòbí. Dígírì ni kàkúlétọ̀ yẹn wà, ó ń ka π tẹ́ ẹ tẹ̀ sí dígírì mẹ́ta lé díẹ̀, bẹ́ẹ̀ igun tó kéré púpọ̀ nìyẹn, sin rẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ ju odo lọ. Ẹ yí i sí rádíánì, 2 ló máa jáde. Ìgbàkigbà tí sin tàbí cos bá wà nínú íńtígíréṣọ̀n, rádíánì ni, kò sí dígírì ńbẹ̀.

Ọmọ_SS3, jẹ́ n mú nọ́ńbà 9 kí Màmá tó dé. Bàbá Ìrọ̀lẹ́, ẹ má bínú sà, ẹ̀ẹ̀mejì la ṣe íńtígíréṣọ̀n níbẹ̀, C tí ẹ ń sọ pé ó ń pa ara ẹ̀ ni ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ti ẹ̀ẹ̀kìíní wà láàyè.

Ẹ wò ó. Láti a = 6t − 4, v = 3t² − 4t + C. Wọ́n sọ fún wa pé nígbà tí t jẹ́ 0, v jẹ́ 5. Fi 0 sí i, gbogbo nǹkan tó ní t á pòórá, ó ku C = 5. Nítorí náà v = 3t² − 4t + 5. Íńtígíréètì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, s = t³ − 2t² + 5t, kì í tún ṣe C lásán mọ́, ó ti di 5t, t ti so mọ́ ọn lára. Fi 3 sí i: 27 − 18 + 15, ìyẹn 24. Fi 1 sí i: 1 − 2 + 5, ìyẹn 4. 24 yọ 4, 20. Olùkọ́ ló gbà á. 10 tó sọnù nínú tìrẹ, 5 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni.

Ohun tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn rèé. Ká ní o dífẹrẹ́ńṣíéètì 3t² − 4t tó o kọ, 6t − 4 ló máa fún ẹ, wàá sì fi ara ẹ lọ́kàn balẹ̀ pé o gbà á. Dífẹrẹ́ńṣíéṣọ̀n ò lè rí C tó sọnù láéláé, torí odo ló máa ń sọ C dà, bó wà bó ò sí, bákan náà ló máa rí. Ohun tó lè tú ẹ fó ni gbólóhùn "nígbà tí t = 0, v = 5" yẹn. Fi t = 0 sí 3t² − 4t, 0 ló jáde, wọ́n ní 5. Ó ti hàn. Nígbàkigbà tí ìbéèrè bá fún ẹ ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tó o sì parí iṣẹ́ láì lò ó, padà lọ wá ibi tí C já bọ́ sí.

Ẹnjiníà_Wálé

Mo tún gbàgbé, "mítà mélòó ló rìn" ni wọ́n bi ẹ́. Bí v bá di nẹ́gẹ́tíìfù láàárín ọ̀nà, nǹkan yẹn ti ń padà sẹ́yìn, a ò lè kàn yọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ti 3t² − 4t + 5 yìí kì í dé odo rárá, torí 16 − 60 kéré sí odo, kò séwu. Ṣùgbọ́n v tí kò ní C tó o lò, nígbà tí t = 1 ó jẹ́ −1, o jẹ́ kí nǹkan yẹn máa padà sẹ́yìn fúngbà díẹ̀ nìyẹn o.

Bàbá_Ìrọ̀lẹ́

Ẹnjiníà, mo ti rí i, 5t yẹn ò pa ara ẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi Màmá Olùkọ́, nígbà tí a bá ti dá ohun inú bírákẹ́ẹ̀tì padà tó sì bá ìbéèrè mu, tí kò sì sí ẹ̀ẹ̀mejì kankan, ṣé a ti bọ́ nìyẹn? Torí ẹ wo èyí, ∫ láti −1 dé 1 ti 1/x². Íńtígíréètì ẹ̀ −1/x ni, dá a padà ó jẹ́ 1/x², ó pé pérépéré. Fi 1 sí i ó jẹ́ −1, fi −1 sí i ó jẹ́ 1, ìyọkúrò −2. Ìdáhùn −2 nìyẹn.

Tẹ́mi_100L

Bọ̀dá, ẹ wo 1/x² dáadáa, òkè ni gbogbo gírááfù ẹ̀ wà, kò fìgbà kan sọ̀kalẹ̀ kọjá ìlà x. Báwo ni ààyè abẹ́ ẹ̀ ṣe máa wá jẹ́ −2?

Màmá_Olùkọ́

Mo ti dé. Tẹ́mi ti fọwọ́ kàn án. Nígbà tí x bá jẹ́ 0, 1/x² ò ní iye kankan, gírááfù ń fò lọ sókè láìdúró, bẹ́ẹ̀ 0 wà láàárín −1 àti 1. Fífi òkè yọ ìsàlẹ̀ tá à ń ṣe yìí, ibi tí fọ́ńṣọ̀n bá wà dáadáa láti límíìtì kan dé ìkejì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ti èyí, kò níye, ó ń pọ̀ sí i láìlópin ni. Nítorí náà kí a tó fi límíìtì sí ohunkóhun tó ní x nísàlẹ̀, ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ìsàlẹ̀ yẹn máa di odo níbì kan láàárín.

Ẹnjiníà_Wálé

Ti 1/x láti −1 dé 1 ńkọ́ Mà? Ọ̀tún gbé e sókè, òsì gbé e sísàlẹ̀, àwa níbi iṣẹ́ odo la máa ń pè é.

Màmá_Olùkọ́

Ẹ̀yin lè pè é ní odo nítorí pé ẹ jọ ń sún mọ́ 0 láti ọ̀tún àti òsì ní ìwọ̀n kan náà. Nínú kíláàsì mi, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá dúró kó ní iye tiẹ̀, èyíkéyìí nínú wọn ò sì ní in. Màá gé máàkì yín.

Ẹnjiníà_Wálé

😂 Ẹ gé e Mà, owó oṣù mi ń wọlé.

Tẹ́mi_100L

Àbúrò mi, jẹ́ n fi nǹkan kan kún un torí gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀ nípa ìlà inú bírákẹ́ẹ̀tì, wọn ò sọ bó o ṣe máa yẹ nọ́ńbà tó kẹ́yìn wò. Mú iye fọ́ńṣọ̀n ní límíìtì ìsàlẹ̀, mú iye ẹ̀ ní àárín gbùngbùn ní ìlọ́po mẹ́rin, mú iye ẹ̀ ní límíìtì òkè, rò wọ́n pọ̀, fi 6 pín in, kó o wá fi fífẹ̀ láàárín límíìtì méjèèjì ṣe ìlọ́po. Rúùlù Simpson ni wọ́n ń pè é. Ti nọ́ńbà 5, nígbà tí x = 1 ó jẹ́ 0, x = 2 ó jẹ́ 5, x = 3 ó jẹ́ 16. 0 + 20 + 16 jẹ́ 36, fi 6 pín in ó jẹ́ 6, fífẹ̀ 2, ó jẹ́ 12 gẹ́lẹ́. Bí páwà tó ga jù ò bá kọjá 3, gẹ́lẹ́ ló máa ń jẹ́. Bó bá kọjá 3, ó máa sún mọ́ ọn ni. Nọ́ńbà 6, 1 àti 32 àti 243: 1 + 128 + 243 jẹ́ 372, pín in sí 6, ó jẹ́ 62, fífẹ̀ 1. 60.67 tí Màmá rí ò jìnnà sí 62, 121.33 tìrẹ jìnnà réré.

Kí o má baà tún sáré sọ pé ẹnì kan kùnà: ∫2 sin x cos x dx, ẹnì kan nínú kíláàsì wa kọ sin²x + C, ẹlòmíì kọ −cos²x + C, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Dífẹrẹ́ńṣíéètì méjèèjì, ohun kan náà ni. 1 ló wà láàárín wọn, C sì ti gbé 1 yẹn mì. Ẹni tí kò bá kọ C níbẹ̀ ló máa rò pé ìdáhùn méjì takora. Fi 0 dé π/2 sí wọn, 1 ni méjèèjì máa fún ẹ.

Bàbá_Tòbí_Lọ́ńdọ̀nù

Rádíánì ni lóòótọ́. Ó ti fún wa ní 2. Ẹ ṣeun Ẹnjiníà, mi ò dá a padà mọ́.

Ọmọ_SS3

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin àgbà, 9 yẹn ti wọ̀ mí lórí. Mo wá padà sí nọ́ńbà 7 tí mo fò nígbà yẹn, ∫₀¹ 2x(x² + 1)³dx. Mo fi u = x² + 1, du = 2x dx, ó di ∫u³du, u⁴/4. Mo dífẹrẹ́ńṣíéètì ẹ̀, u³, ó pé. Mo fi 1 àti 0 sí i, ó jẹ́ 1/4. Ṣé ó ti dáa?

Tẹ́mi_100L

Fi ọgbọ́n tí mo sọ wò ó ná. Ní 0 ó jẹ́ 0, ní 1 ó jẹ́ 2 × 8 = 16, ní àárín, x = 0.5, ó jẹ́ 1.25³, bíi 1.95. 0 + 7.8 + 16, pín in sí 6, bíi 3.97. 1/4 ńbo?

Màmá_Olùkọ́

Iṣẹ́ u rẹ dáa, límíìtì ni kò dáa. 0 àti 1 tí wọ́n kọ sára ∫ yẹn, ti x ni, o sì fi wọ́n sí àyè u. Nígbà tí x = 0, u jẹ́ 1. Nígbà tí x = 1, u jẹ́ 2. Ìyẹn ni kó o fi sí u⁴/4: 16/4 − 1/4. Tàbí kó o kọ́kọ́ dá x padà, (x² + 1)⁴/4, kó o wá fi 0 àti 1 tirẹ̀ sí i, ibì kan náà lo máa já sí. Dífẹrẹ́ńṣíéṣọ̀n ò lè bá ẹ rí irú èyí, torí pé kò tíì dé ibi límíìtì kó tó parí iṣẹ́ tiẹ̀.

Ọmọ_SS3

15/4! 3.75. Ó sún mọ́ 3.97 tí àǹtí Tẹ́mi ní. Ṣé kí n kọ C sínú bírákẹ́ẹ̀tì fún olùkọ́ wa kí n tó yọ ọ́, àbí kí n fi sílẹ̀?

Màmá_Olùkọ́

Kọ ọ́ sí nọ́ńbà kan kó rí i pé ó yé ẹ, fi sílẹ̀ níbi tó kù.

Bàbá_Ìrọ̀lẹ́

Má kọ ọ́ rárá jàre, ó ń fi àkókò ṣòfò nínú ìdánwò.

Ẹnjiníà_Wálé

Bi olùkọ́ rẹ. Òun ló mú gègé pupa lọ́wọ́.